Téèpù ò ráàyè kọjá, àmọ́ a rí bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó

Lánàá èmi àti àbúrò mi fẹ́ mọ bí ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan ṣe fẹ̀ tó, àmọ́ wọ́n ti kó búlọ́ọ̀kù jọ sáàárín ẹ̀, téèpù ò lè gbabẹ̀ kọjá ká fi wọn gíga ẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ti tó, fọ́múlà Heron la máa lò. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn a, b àti c, pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ìyẹn ni s, ẹ wá yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò lára s, ẹ fi s àti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù yẹn ṣe ìsọdipúpọ̀, kẹ́ ẹ wá rúùtù ẹ̀:

√(s(s−a)(s−b)(s−c))

Mo ń wọ̀n, ó ń kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, Error ló ń kọ o!" Mo wo ìwé: 31, 14, 15. Háà! s á jẹ́ 30, ẹ yọ 31 níbẹ̀, −1 ló kù, kò sì sí rúùtù tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀. Ẹ tiẹ̀ wò ó, 14 àti 15 jẹ́ 29 péré, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pàdé lórí ẹ̀gbẹ́ tó gùn tó 31? 13 ni mo pè, ó yí i padà ni.

A tún un ṣe: àpapọ̀ 42, ìdajì ẹ̀ 21, yíyọ fún wa ní 8, 7, 6. 21×8×7×6 jẹ́ 7056, rúùtù ẹ̀ 84. Sikuéà mítà 84 gééré.

Láàárọ̀ yìí wọ́n kó búlọ́ọ̀kù kúrò, mo sáré na téèpù látorí ẹ̀gbẹ́ 14, gíga ẹ̀ jẹ́ 12. Ìdajì 14×12? 84! Inú mi dùn gan-an.