Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná

Àná ni mo kọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wa kan òrùlé. Mo ń to fáìlì ni mo rí i pé ìwé ẹ̀rí adójútòfò rẹ̀ ti parí láti ọjọ́ 19 sẹ́yìn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lórí òrùlé! Àyà mi já. Mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ó fi rìsíìtì owó tó san ránṣẹ́. Rìsíìtì kò tó. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí iléeṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn fi ìwé tuntun ránṣẹ́ sí mi, kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sì hàn kedere. Bó bá jẹ́ òní ló bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti fara pa láàárín ọjọ́ 19 yẹn kò ní ààbò kankan.

Iṣẹ́ ṣì dúró.