Èrè 6,000 tí kò tó ọjà rà padà

Sáà kan wà tí ìwé ìṣirò mi sọ pé mo jèrè 6,000. Mo ná ìdajì rẹ̀ láìbẹ̀rù, àmọ́ nígbà tí mo padà lọ ra ọjà, owó tó kù lọ́wọ́ mi kò ra iye tí mo tà mọ́. Kò sí ẹni tó jí mi lówó, kò sì sí àṣìṣe nínú ìròpọ̀ tàbí ìyọkúrò. Owó ọjà ló ń gbówó lórí léraléra, èmi kò sì mọ ohun tí ọ̀nà tí mo fi ń ṣírò ọjà ń sọ fún mi àti ohun tí kò sọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀ gan-an, nítorí ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ìṣirò náà lórí ìwé ni ó tó yé mi.

Ọjà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: bébà ìtẹ̀wé, tí mo ń rà ní páálí páálí. N kò ní kọ orúkọ owó kankan, nítorí bákan náà ni ìṣirò náà yóò rí nínú owó yòówù. Nígbà tí sáà náà bẹ̀rẹ̀, 100 páálí wà nílẹ̀ tí mo ra ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún ra 100 ní 50, mo sì ta 150. Lẹ́yìn náà mo ra 200 ní 60, mo tún ta 150. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 70 ni mo ta páálí kan. Nítorí náà 400 páálí ló gba ọwọ́ mi kọjá, 21,000 ni mo fi rà wọ́n, mo ta 300, owó tó wọlé lórí wọn sì jẹ́ 21,000 pẹ̀lú. (Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé iye méjèèjì bára dọ́gba.) Ìbéèrè tó kù ni pé nínú 21,000 tí mo fi ra ọjà, èló ni ti 300 tó ti lọ, èló sì ni ti 100 tó ṣì wà nílẹ̀? Ibẹ̀ yẹn nìkan ni ọ̀nà méjèèjì tí mo fẹ́ sọ, àkọ́wọlé-àkọ́jáde àti ìpíndọ́gba, ti yàtọ̀ síra.

Ọ̀nà tí mo ń lò nígbà náà ni àkọ́wọlé-àkọ́jáde, èyí tó gbà pé owó ọjà tó kọ́kọ́ wọlé ni a ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ bí a bá tajà. Fún 300 tí mo tà, mo mú 100 ti 40, mo mú 100 ti 50, mo sì mú 100 ti 60. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 15,000. Ọgọ́rùn-ún tó kù wà ní 60, ìyẹn 6,000, èrè mi sì jẹ́ 6,000. Ohun kan wà tí mo ti gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò rí bẹ́ẹ̀: mo rò pé ọ̀nà yìí ń pa á láṣẹ pé kí n máa gbé páálí tó pẹ́ jù jáde ṣáájú, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bá àwọn ọmọọṣẹ́ mi jà bí wọ́n bá mú èyí tó wà níwájú. Owó ni ọ̀nà náà ń tò lẹ́sẹẹsẹ, kì í ṣe páálí. Bí bébà àná bá jáde ṣáájú ti oṣù tó kọjá, ìṣirò náà kò yí padà.

Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í há, mo gbọ́ pé ọ̀nà ìpíndọ́gba kì í jẹ́ kí èrè wú ju bó ṣe yẹ lọ, mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti dán an wò. Mo ro 40, 50 àti 60 pọ̀, mo pín in sí mẹ́ta, mo rí 50. Mo fi 50 ṣírò 300 tí mo tà, ó jẹ́ 15,000. Mo fi ṣírò 100 tó kù, ó jẹ́ 5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20,000, bẹ́ẹ̀ 21,000 ni mo san fún àwọn tó tajà fún mi. Ẹgbẹ̀rún kan ti pòórá. Àmì tí mo fi ń mọ̀ pé ìṣirò ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn títí di òní, ọ̀nà yòówù tí mo bá lò: owó ọjà tí a tà àti owó ọjà tó kù nílẹ̀ gbọ́dọ̀ pé iye tí a fi ra gbogbo rẹ̀, láìlé láìdín. Àṣìṣe mi ni pé mo fún ẹ̀ẹ̀kan tí mo ra 200 ní agbára kan náà pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan tí mo ra 100. Iye páálí ló yẹ kó fún iye owó kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tirẹ̀. Bí iye páálí bá wà ní òpó B, tí iye owó wà ní òpó C, ìlà kìíní nísàlẹ̀ yìí ni èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, èkejì ni èyí tó tọ́:

```
=AVERAGE(C2:C4)
=SUMPRODUCT(B2:B4,C2:C4)/SUM(B2:B4)
```

Èkejì fún mi ní 52.5. Owó 300 tí mo tà di 15,750, ti 100 tó kù di 5,250, àpapọ̀ sì pé 21,000 géérégé. Èrè bọ́ sí 5,250.

Mo ti ń yọ̀ kí akáńtáǹtì tó ń bá mi yẹ ìwé wò tó rí i. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè: lọ́jọ́ tí ẹ ta 150 àkọ́kọ́, ṣé ọjà oní-60 ti dé?” Mo ní kò tíì dé. Ó ní, “Kí ló wá dé tí owó rẹ̀ fi wà nínú ohun tí ẹ tà lọ́jọ́ náà?” Ìpíndọ́gba tí mo ṣe jẹ́ ti òpin sáà, òfin sì gbà á láyè, àmọ́ bí ẹni bá ń kọ ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí à ń tún ṣírò nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọjà bá wọlé ló bá a mu. A jọ ṣe é. Ṣáájú títà àkọ́kọ́, 200 páálí wà nílẹ̀, owó wọn jẹ́ 9,000, ìpíndọ́gba jẹ́ 45. Mo ta 150, owó 6,750 lọ, ó ku 50 páálí tó jẹ́ 2,250. Igba tuntun wọlé pẹ̀lú 12,000, ó di 250 páálí ní 14,250, ìpíndọ́gba sì di 57. Mo tún ta 150, 8,550 lọ, ó ku 100 páálí tó jẹ́ 5,700. Owó gbogbo ohun tí mo tà jẹ́ 15,300, èrè sì jẹ́ 5,700. Ọjà kan náà ni, títà kan náà ni, èrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá jáde: 6,000, 5,700 àti 5,250.

Ohun tó wá là mí lójú ni ìgbà tó ní kí n wo ibi tí ìyàtọ̀ náà ń gbé. Inú 100 páálí tó kù nílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àkọ́wọlé-àkọ́jáde pè é ní 6,000, ìpíndọ́gba òpin sáà pè é ní 5,250, 750 tó sì wà láàárín wọn náà ni 750 tó wà láàárín èrè méjèèjì. Kí a sọ pé mo ta 100 náà ní 80 ní sáà tó tẹ̀ lé e, láìra òmíràn: ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò fún mi ní èrè 2,000, èkejì yóò fún mi ní 2,750. Bí a bá ro sáà méjèèjì pọ̀, 8,000 ni yálà a gba ibí tàbí a gba ọ̀hún. Àsìkò tí èrè yọjú ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà wàràwàrà, tí ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń kù nílẹ̀, kò fi ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀, tí ẹni tó ń kó ọjà jọ fún oṣù mélòó kan yóò sì rí i gan-an. Níbi tí owó orí bá ń tẹ̀ lé èrè inú ìwé, àkọ́wọlé-àkọ́jáde yóò mú kí a san án ṣáájú, bí owó ọjà bá sì ń lọ sókè lọ́dọọdún tí ọjà nílẹ̀ kò dín kù, ìtura tó yẹ kó tẹ̀ lé e yóò máa sún síwájú ni.

Mo wá dábàá ọgbọ́n kan: kí n fi ìpíndọ́gba han àwọn agbowó-orí, kí n sì fi àkọ́wọlé-àkọ́jáde han báńkì, nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí ọjà nílẹ̀ súnmọ́ iye tí wọ́n ń tà á lóde. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ̀. Lábẹ́ IAS 2, ìlànà àgbáyé fún ṣíṣírò ọjà tó wà nílẹ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì ni a lè yàn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni a gbọ́dọ̀ lò fún ọjà tí ìrísí àti ìlò wọn jọra. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ ní ìdí pé tuntun náà yóò jẹ́ kí ìwé túbọ̀ ṣeé gbára lé, kó sì tún iye àwọn ọdún tó ti kọjá ṣe pẹ̀lú. Mo béèrè nípa ọ̀nà tó ń kọ́kọ́ ka owó ọjà tó dé kẹ́yìn, èyí tí ì bá fún mi ní èrè tó kéré jù. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò nínú IAS 2 nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2003, tí àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà ìṣirò Amẹ́ríkà ṣì gbà á.

Síbẹ̀, kò sí èyí tí ì bá gbà mí nínú ọ̀nà méjèèjì, ohun tí mo sì ń bínú sí ara mi fún nìyí, pé mo ti rò pé yíyan ọ̀nà ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí mo lọ ra bébà padà, 68 ni páálí kan. Láti dá 300 tí mo tà padà, mo nílò 20,400. Owó tó wọlé jẹ́ 21,000. Nínú 6,000 tí ìwé pè ní èrè, 600 péré ni mo lè ná kí òwò náà má dínkù. Ìyókù kàn jẹ́ owó tí ọjà àtijọ́ fi gbówó lórí nígbà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ná 3,000. 18,000 tó kù ra 264 páálí. Bí mo bá ti lo ìpíndọ́gba, ìwé yóò sọ pé 5,250, ìyẹn ṣì jìnnà sí 600.

N kò yí ọ̀nà mi padà. Mo fi òpó kan kún tábìlì mi tí kò wọ inú ìwé ìṣirò rárá, níbi tí mo ti ń kọ iye tí páálí kan yóò jẹ́ bí mo bá fẹ́ rà á lónìí, mo sì máa ń béèrè iye náà kí n tó fọwọ́ kan èrè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í wo 100 páálí tó kù, ìwé ń sọ pé èrè mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 10, òpó tuntun náà sì ń sọ pé 2 ni. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo yí 70 padà sí 80.