Gbígbẹ ni, kì í ṣe òtútù: ohun tí ọ̀fun mi kọ́ mi nípa ẹ̀rọ amúlétutù

Iṣẹ́ alága ìdúró ni mo fi ń jẹun ní Abẹ́òkúta níbí. Bí mo bá jí láàárọ̀ Sátidé tí ọ̀fun mi ń ta mí bí ẹni tó gbé egungun ẹja mì, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́, torí ohùn ni ọjà tí mò ń tà. Odindi ọdún kan ni mo fi bá ọ̀fun yìí jà kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń jìyà irú rẹ̀, ẹ sì ń lo oògùn tí kò kàn án, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yìn ìgbà tí a gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá wa ní Ọ̀bàntokò ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí ooru ìlú yìí ṣe máa ń rí ní oṣù kẹta, tí àpáta tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ kì í tutù bọ̀rọ̀ lóru. Bí iná bá ti dé, màá gbé rìmóòtù, màá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 18, ó di àárọ̀. Bí mo bá jí, ẹnu mi á ti gbẹ, ahọ́n mi á fẹ́ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, itọ́ lásán á sì máa dùn mí gbé mì. Bí mo bá ti mu ẹ̀kọ gbígbóná, tó fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti lọ. Ọjọ́ kejì, ó tún dé.

Òtútù ni gbogbo ayé sọ pé ó mú mi, èmi náà sì gbà. Mo ra búláńkẹ́ẹ̀tì, mo wọ súwẹ́tà, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo tún fi ìborùn wé ọrùn. Ara mi gbóná dáadáa, ọ̀fun mi kò yé dùn. Mo lọ sí kẹ́místì, wọ́n fún mi ní kápúsù apakòkòrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lò ó lọ́dún yẹn, mo sì rò pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé bí mo bá ti lò ó láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, ara ti tù mí. N kò rò ó pé bí n kò bá tilẹ̀ lo nǹkan kan, ọ̀sán ni yóò lọ náà.

Ìrìn àjò ló wá tú àṣírí rẹ̀. Mo lọ ṣe ìgbéyàwó kan ní Àbújá, mo sì wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán padà. Ó lé ní wákàtí méjìlá tí a fi wà lójú ọ̀nà. Ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde wà lókè orí mi gan-an, ó dojú kọ mí. N kò mu ju ẹnu omi méjì lọ, torí n kò fẹ́ máa bẹ awakọ̀ pé kó dúró kí n lọ tọ̀ nínú igbó. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí n kò bá sùn, mo ń bá ẹni tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ sókè kí ohùn mi lè bo ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá sùn, orí mi á ṣubú sẹ́yìn, ẹnu mi á là. Ọjọ́ méjì ni n kò fi rí ohùn sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé.

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, àgbà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa, ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. "Ìyá Tolú, ìgbà wo ló máa ń dùn ọ́ jù?" Mo ní ní kété tí mo bá jí ni. "Ṣé ara rẹ máa ń gbóná?" Rárá. "Tí o bá fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ, ṣé kókó wà níbẹ̀ tó ń dùn ọ́?" Rárá. "Imú rẹ ńkọ́, ṣé ó máa ń dí lálẹ́?" Ìyẹn ni mo dúró lé lórí. Imú mi máa ń dí lóòótọ́, láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ti dé.

Ó ní kí n lọ wo ìgò mínírà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Omi á máa ṣàn lára rẹ̀ bí òógùn. Ìgò kò jò o. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù, kò lè gbé omi púpọ̀ dání mọ́, ó ní láti sọ ọ́ kalẹ̀. Inú ẹ̀rọ amúlétutù, páìpù tútù kan wà tí afẹ́fẹ́ yàrá ń gbà ara rẹ̀ kọjá. Omi inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ ọn, á sì gba rọ́bà tó wà lẹ́yìn ilé jáde. Omi tí a máa ń rí tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọ̀rinrin yàrá wa ni.

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rọ́bà náà ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà òjò, mo fi ẹ̀rọ sí 18 bí mo ṣe máa ń ṣe. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, omi inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó líta márùn-ún. Mo dúró tì í, mò ń wò ó. Inú afẹ́fẹ́ tí mò ń mí ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Afẹ́fẹ́ tó ti tutù tó sì ti gbẹ yìí, bí ó bá wọ inú ara, ara á mú un gbóná. Bí ó ṣe ń gbóná ni òùngbẹ omi á tún máa gbẹ ẹ́, ibi tó bá sì kọ́kọ́ kàn ni yóò ti gba omi náà. Imú ni a dá fún iṣẹ́ yẹn. Ẹran inú imú rọ̀, ó tutù, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbabẹ̀ kọjá á ti gbóná, á ti rin, kó tó dé ọ̀fun. Ẹnu kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Tí imú bá dí, tí a bá fi ẹnu mí fún wákàtí mẹ́jọ, ẹran ọ̀fun ló máa ń san gbèsè omi yẹn. Nǹkan yíyọ̀ tó bo ọ̀fun á gbẹ, á ki, ibẹ̀ á pọ́n, á máa ta. Ìdí nìyẹn tí búláńkẹ́ẹ̀tì mi kò fi ṣe nǹkan kan. Ara ni mo ń bò, ẹnu mi sì wà ní lílà.

Nítorí náà, ìdí tí imú fi ń dí ni mo kọ́kọ́ wá. Mo ṣí iwájú ẹ̀rọ náà, mo yọ àwọ̀n tó ń gba eruku. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ rí. Eruku tó wà lára rẹ̀ nípọn bí aṣọ. Eruku yẹn ni mò ń mí lálaalẹ́ tí imú mi fi ń wú. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ tó láti fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ nínú ibòji kí ẹ tó dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń fọ tèmi báyìí. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ pa iná rẹ̀ láti ara ògiri.

Lẹ́yìn náà, mo gbé e sí 26, mo sì yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sókè kó má fẹ́ sí mi lójú mọ́. Tí yàrá bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á máa sinmi, kò ní máa fa omi jáde láìdúró. Mo tún fi aago inú rìmóòtù sí i kó kú ní aago mẹ́ta òru. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ìrora àárọ̀ yẹn fi dín kù, nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti lọ.

Ẹnì kan ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n gbé abọ́ omi sí yàrá. Mo ṣe é, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí bí omi abọ́ ṣe ń gòkè ni ẹ̀rọ ń fà á jáde. Ìgbà ọyẹ́ ló wúlò, nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ gbẹ. Táwẹ́ẹ̀lì tútù tí a fi kọ́ ẹ̀yìn àga sì sàn ju abọ́ lọ, nítorí pé ó fẹjú. Nígbà òjò, ẹ má ṣe é rárá. Ògiri yóò hu èébu, èébu náà á tún dí yín nímú.

Ní ti ọ̀fun tó ti ń dùn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ ni mo ń lò: ìdajì ṣíbí tíì nínú ife kan. Mo máa ń gbé orí sẹ́yìn, màá jẹ́ kí omi náà máa hó ní ọ̀nà ọ̀fun fún ìgbà díẹ̀, màá tu ú dànù. Ó ń mú kí ó fúyẹ́, àmọ́ kò lè wo ohun tí ẹ bá tún padà sùn sínú rẹ̀ lálẹ́. Súìtì tàbí orógbó tí a ń jẹ ń ranni lọ́wọ́ nítorí pé ó ń fa itọ́. Súìtì onímẹ́ńtọ́ọ̀lù kàn ń mú kí ọ̀fun dà bí èyí tó tutù ni, itọ́ tó ń fà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún oògùn kàtá tó ń múni sùn, púpọ̀ nínú wọn ń mú ẹnu gbẹ sí i.

Nígbà tí mo tún lọ sí Àbújá, kí n tó jókòó ni mo ti pa ihò afẹ́fẹ́ orí mi dé. Mo fi ìborùn bo imú àti ẹnu, èémí tí mo mí jáde á mú un rin díẹ̀, èyí tí mò ń mí wọlé á sì gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ń mu omi ní ẹnu kan-kan, ibi gbogbo tí bọ́ọ̀sì bá sì dúró ni mo sọ̀ kalẹ̀ sí. N kò bá ẹnikẹ́ni pariwo. Mo délé pẹ̀lú ohùn mi.

Síbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìmọ̀ yìí ṣe àṣìṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Mo ní ẹ̀rọ ni, mo pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, dípò kó dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ara rẹ̀ gbóná dé 39, kókó wú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, nígbà tí mo sì tan iná sí i lẹ́nu, àmì funfun wà lára ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Gbígbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ pé kòkòrò ni, àti pé irú èyí tí a bá fi sílẹ̀ lára ọmọdé lè padà wá fa àrùn ọkàn. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló fún un ní oògùn apakòkòrò, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ara ọmọ yóò yá kí oògùn tó tán, kí n má torí ìyẹn dá a dúró. Mo kọ ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, mo sì ń fa ìlà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé.