Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ 5,000 náírà tí kò yí padà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni àpò tẹ́tẹ́ mi ti gbẹ, nítorí náà kí ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá ń gbóná díẹ̀. Obì ni mo ń tà ní Ṣàgámù, àwọn oníbàárà mi ní Sábó ló sì máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò fi owó obì ta tẹ́tẹ́ rí. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú oníranù wò mí. 100,000 náírà ni mo yà sọ́tọ̀ fún tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní tèmi, ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde náà sì ya iye kan náà sọ́tọ̀. Ọ̀mì nìkan ni a ń ta, ní ọ́ọ̀dì 3.20, ìyẹn ni pé náírà kan a máa mú 3.20 padà bó bá jẹ, eré kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, eré kan náà ni àwa méjèèjì sì jọ ń mú. Iye tí a ń fi sórí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò dọ́gba.

Èmi a máa fi 5,000 náírà sí eré kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni tàbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá kù sí àpò wọn ni wọ́n máa ń ta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 5,000 ni tèmi, 5,000 ni tiwọn. A pàdánù, 4,750 sì ni wọ́n fi sí èkejì. A tún pàdánù, wọ́n sì fi nǹkan bí 4,512 sí ẹ̀kẹta. Wọ́n ní ìwé àjákọ kan tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo rẹ̀ sí, wọn kì í sì í dá owó lé eré tuntun láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ ṣírò ohun tó kù. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní owó ọmọdé ni wọ́n ń ta.

Eré mẹ́rìnlá ni a pàdánù léra wọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé kì í ṣe àwọn ayé ló ṣe wá. Nínú eré bọ́ọ̀lù mẹ́rin, nǹkan bí ẹyọ kan ló máa ń parí sí ọ̀mì, ìyẹn ni pé ẹni tó ń ta ọ̀mì yóò pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ délẹ̀, ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nǹkan bí ìgbà kan nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mẹ́rìnlá yóò tẹ̀ léra wọn láìsí ọ̀mì kan. Ẹni tó bá ń ta á ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yóò pàdé rẹ̀ bópẹ́ bóyá. Lẹ́yìn mẹ́rìnlá yẹn, 30,000 náírà ló kù lọ́wọ́ mi, ó sì ku 48,767 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà, bí ẹ bá sì gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ẹ má gbàgbé èyí. Mo rò pé 5,000 mi dúró sójú kan. Kò dúró. Lọ́jọ́ tí mo ní 100,000, ìdá kan nínú ogún owó mi ni 5,000. Nígbà tí ó ku 30,000, ìdá kan nínú mẹ́fà ni. Iye tí a kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kò yí padà, àmọ́ ẹrù tí ó ń gbé lé àpò mi lórí ń wúwo sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá pàdánù, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí nǹkan kò lọ déédéé gan-an ló yẹ kí n dín in kù. Ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù: “Àbúrò, ẹgbẹ̀rún márùn-ún rẹ kì í ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún mọ́ o.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná.”

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún jẹ. 11,000 náírà èrè wọlé fún mi, owó mi di 41,000, mo sì pe ẹ̀gbọ́n láti bi wọ́n léèrè èló ni tiwọn mú wá. Èrè tiwọn kò ju nǹkan bí 5,364 lọ, tó sọ owó wọn di nǹkan bí 54,100. Mo yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni a tún pàdánù méje léra wọn.

Nígbà tó di Sátidé kan, 6,000 ló kù lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sórí àpótí níwájú apẹ̀rẹ̀ obì tí mo ń ṣà, mo ń ya èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, fóònù mi sì wà lórí itan. Mo ti fi 5,000 sí i. Ẹ wo ohun tí mo ṣe: ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà gbogbo owó mi ni mo dá lé eré kan ṣoṣo, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ìlànà! Ẹ̀gbọ́n fi nǹkan bí 1,890 sí eré kan náà. Ó jẹ́ 1–1 títí di ìṣẹ́jú 90. Ọwọ́ mi dúró lórí obì. Mo ti ń ṣírò 17,000 nínú ọkàn mi. Ní ìṣẹ́jú 93, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti igun, ó kan ẹnì kan lórí, ó wọlé. Gbàǹja tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tó dára, mo kàn jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ èyí tó ti bàjẹ́ láìmọ̀. Oníbàárà mi bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan kan.

1,000 náírà ló kù. Nǹkan bí 35,900 ni ẹ̀gbọ́n ní.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò ní àléébù. Nínú eré márùn-ún tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta jẹ, méjì kò jẹ. Owó wọn gòkè dé nǹkan bí 44,300 péré, ìyẹn nǹkan bí 8,400 lórí ohun tí wọ́n ní. Ká ní mo ní owó láti ta márùn-ún yẹn ní 5,000 kọ̀ọ̀kan, 23,000 ni ǹ bá jẹ. Ẹni tó ń ta iye kan náà a máa yára gbérí, ẹni tó ń ta ìdá a máa rìn díẹ̀díẹ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì kékeré ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ire bá dé. Àmọ́ èmi kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbérí.

Mo ti tún ìṣirò náà ṣe láti ìgbà náà. Ká ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 2,000, lẹ́yìn pípàdánù mẹ́rìnlá, 72,000 ni ǹ bá ní, ẹ̀gbọ́n a sì ní nǹkan bí 75,360, tí ó fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí iye tí a ń ta bá kéré sí ohun tó wà nínú àpò. Bí ó bá sì tóbi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pínyà. Kò sí èyí tí yóò sọ tẹ́tẹ́ burúkú di rere ṣá: ẹni tó bá ta ọ̀mì mẹ́rin ní 1,000 kọ̀ọ̀kan, tí ẹyọ kan jẹ ní 3.20, 3,200 ni yóò gbà padà lórí 4,000. Ẹ̀gbọ́n náà mọ̀. Wọ́n ní àwọn gbà pé àwọn lè ṣà á dé ibi tí ẹyọ kan yóò máa jẹ nínú mẹ́ta. Mi ò tíì rí i nínú ìwé àjákọ wọn.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ojú ewé kan nínú ìwé náà. 1,000 náírà yẹn ṣì wà nínú àkáǹtì tẹ́tẹ́ mi, n kò tíì fọwọ́ kàn án.