Kúbùsù ò lè dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́kun

Sátidé, Mọ́kọ́lá. Wọ́n ní kí n ka ìpolówó ilé ìtọ́jú eyín kan, gbólóhùn mẹ́rin péré, wọ́n sì fẹ́ gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Iná ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn.

Mo ta okùn sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi kúbùsù kọ́ ọ yí ká bí àgọ́, mo sì tẹ́ ẹní sórí táìlì. Fóònù tí mo fi ń gbohùn sílẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn láti ìhà gbogbo, nítorí náà mo fi kúbùsù sí ẹ̀yìn mi náà. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: kò sí ohun tó dún padà. Ọmọ láńdílọ́ọ̀dù yọjú, ó ní, “Àǹtí, ṣé òtútù ń mú yín ni?” Nínú ooru yìí!

Gbohùngbohùn ni kúbùsù ń pa. Ìró jẹnẹrétọ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá ni, àfi kéèyàn sún mọ́ fóònù. Mo gbé e kúrò ní ogójì sẹ̀ǹtímítà wá sí ogún, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Ìyẹn nìkan fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà kún ohùn mi, tí ariwo ìta kò sì yí padà. Mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àkùkọ kọ láàárín gbólóhùn kẹta. Ariwo tó bá dún lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹ̀rọ tó ń dín ariwo kù ò lè yọ ọ́, nítorí pé èyí tó ń lọ ní ìró kan náà ló mọ̀. Mo tún gbólóhùn náà kà lójú ẹsẹ̀, láì kúrò níbi tí mo jókòó sí.

Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún ohùn ṣe, mo kọ́kọ́ fi High-Pass Filter gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz, níbi tí ìkùn náà ti pọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yan ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣí Noise Reduction, mo tẹ Get Noise Profile, mo wá yan gbogbo rẹ̀, mo sì tún ṣí Noise Reduction. Tí èèyàn bá mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣáájú gígé, àpèjúwe ariwo tó fún ẹ̀rọ kò ní bá ohun tó kù mu mọ́.

Residue ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: ohun tó fẹ́ dà nù ló máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́. Nígbà tí mo fi ìwọ̀n ìdínkù ariwo sí 12 dB, mo gbọ́ “eyín” ketekete nínú ìdọ̀tí náà. Ohùn mi ló ń jẹ yẹn, èyí tó sì kù ń dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo sọ ọ́ di 6, ìkùn nìkan ló kù nínú Residue. Ìkùn díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, orin ìpolówó yóò bò ó. Mo yí Residue padà sí Reduce, mo gé gbólóhùn alákùkọ dànù, mo sì fi WAV ránṣẹ́ ní aago márùn-ún.