Ìwé Ètò Tó Gbé Wa Láti Àjàṣẹ́ Dé Kétu

Ètò ọlọ́jọ́ méjì ni a bá lọ sí Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti wo Ẹ̀fẹ̀, èyí tí ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ojú ọ̀sán. Ìwé ètò tí afinimọ̀nà fi ránṣẹ́ sí wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tí ó kọ fún ọjọ́ kìíní nìyí: «Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ yóò dúró láti aago 7:30 òwúrọ̀, yóò sì gbéra ní aago 8, ní aago Bẹ̀nẹ̀.» Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí kan ṣoṣo ni ó kọ, àlejò yóò rò pé ìgbà náà ni òun yóò dé, awakọ̀ yóò sì rò pé ìgbà náà ni òun yóò ṣíná ọkọ̀. «Aago Bẹ̀nẹ̀» tí ó fi kún un kì í ṣe àṣerégèé, nítorí pé bí àwa àti àwọn ará Èkó tilẹ̀ jọ ń lo aago kan náà, wákàtí kan ni Tógò fi wà lẹ́yìn wa, ẹni tí ó bá sì ti Lomé wá láì yí aago ọwọ́ rẹ̀ síwájú yóò pàdánù ọkọ̀ náà.

Ní ti ibi ìpàdé, kò kọ «mọ́sálásí» lásán, torí mọ́sálásí kò wọ́n ní Àjàṣẹ́. Ó kọ pé: «Iwájú Mọ́sálásí Ńlá àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́, èyí tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì.» Kò sí ará ìlú tí kò ní mọ ibẹ̀ bí àlejò bá bèèrè.

A gba Sákétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a lọ wo Akaba Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ìlú tí ogun Dàhòmì fọ́ ní 1886. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni ìwé ètò ní kí a wọ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ gan-an ni ìwé ètò ti máa ń ṣi àlejò lọ́nà, nítorí pé òru ni wọ́n ń ṣe é títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí a bá kọ «ọjọ́ Àìkú, aago 1 òru», àwọn kan yóò sùn ní alẹ́ Àbámẹ́ta, wọn yóò sì máa múra sílẹ̀ de alẹ́ Àìkú nígbà tí eré ti parí. Tiwa kà báyìí: «Òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú. Ọkọ̀ yóò gbé yín níwájú ilé ìtura ní aago 10 alẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹ mú aṣọ tí ó nípọn, omi àti tọ́ọ̀ṣì fún ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tàn án sí eléré lójú, ẹ má sì ya àwòrán láì gba àṣẹ.»

Mo bi afinimọ̀nà pé, «Ẹ̀gbọ́n, owó ńkọ́?» torí kò sí nínú ìwé náà. Ó ní kí a mú owó sẹ́fà kéékèèké dání, nítorí pé àwọn eléré ń gba ẹ̀bùn lójú agbo, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóru. Ó yẹ kí èyí wà nínú ìwé náà, ṣáájú ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Ní ọjọ́ Àìkú, a sùn díẹ̀; aago 2 ọ̀sán ni ọkọ̀ gbéra padà sí Àjàṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́.