Bọ́ọ̀lù tó ń ronú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àwòrán alárìnká

Oṣù yìí ló pé ọdún 10 tí mo ti ń fi àwòrán alárìnká jẹun ní Ìkòròdú. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan fún ẹ̀yin àbúrò mi, àmọ́ àwòrán alárìnká bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló lé mi dé ìdí rẹ̀. Pé bọ́ọ̀lù a máa nà tó bá ń já bọ̀, a sì máa tẹ̀ pẹlẹbẹ tó bá kan ilẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kan ilẹ̀ gan-an ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣìnà, ibẹ̀ ni èmi náà ti ṣìnà rí, owó mi sì bá a lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ ya ṣáàtì, ìyẹn àwọn ìlà tó ń fi ibi tí bọ́ọ̀lù yóò wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìrísí bọ́ọ̀lù. Fíréèmù 24 la ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní bọ́ọ̀lù já bọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn fíréèmù 12, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan sì gba fíréèmù méjì, àwòrán mẹ́fà nìyẹn. Lójú ayé, ibi tó ti já tó mítà kan àti díẹ̀. Lórí bébà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18. Láti òkè, ẹ fa ìlà sí 0.5, 2, 4.5, 8, 12.5 àti 18. Ẹ wo àlàfo wọn: ìdajì, ọ̀kan àtààbọ̀, méjì àtààbọ̀, ó ń fi sẹ̀ǹtímítà kan pọ̀ sí i títí dé ilẹ̀. Tó bá ta padà sókè dé 12.5, àwòrán márùn-ún ni yóò lò. Tó bá tún ta dé 8, mẹ́rin ni. Ṣáàtì kan náà ni, ẹ kàn yọ àlàfo ìsàlẹ̀ kúrò ni.

Ẹ̀kejì ni ìtẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ fún wa nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá. Bọ́ọ̀lù yóò já láti ojú fèrèsé, yóò ta lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dúró, lẹ́yìn náà ni yóò fúnra rẹ̀ fò sínú apẹ̀rẹ̀. Mo ṣe ìtẹ̀ kan tó dára, ó gba fíréèmù mẹ́fà, ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dìde díẹ̀díẹ̀. Mo wá dà á kọ síbi gbogbo tí bọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ọmọ rẹ̀ kékeré ní, “Dádì, bọ́ọ̀lù yẹn ń ronú kó tó fò.” Bàbá rẹ̀ ní òkèlè ẹ̀bà ló jọ. Kò san owó tó kù. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé ọ̀gá mi ti wò ó kí n tó gbé e jáde, kò sì sọ nǹkan kan.

Mo lọ sí Ìgbógbó, mo ju bọ́ọ̀lù rọ́bà àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí ojú kọnkéré, mo fi fóònù ká a sílẹ̀, mo wá ń wò ó ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìgbà kankan tí ìkanlẹ̀ ju fíréèmù kan lọ. Nígbà mìíràn n kò tilẹ̀ rí i: ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀ nínú èyí, ó ti ń lọ sókè nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ní òkè pátápátá, ó rí roboto. Ìgbà tó ń sáré nìkan ló fà gùn lójú kámẹ́rà.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìtẹ̀ méjì ló wà. Ti bọ́ọ̀lù tó já lulẹ̀, ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́: àwòrán kan ṣoṣo, ó parí. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 ní gíga àti ní fífẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 3.2 ní gíga, 5 ní fífẹ̀, kó má baà dà bíi pé ara rẹ̀ dínkù. Èyí tó ṣáájú ìkanlẹ̀ ni kó nà, 5 ní gíga, 3.2 ní fífẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kó jókòó sílẹ̀, kì í ṣe àárín rẹ̀.

Ti bọ́ọ̀lù tó fẹ́ fúnra rẹ̀ fò, ìmúra ni. Ó ń rọra tẹ̀ fún bíi fíréèmù mẹ́jọ, àlàfo ń há bó ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlọ́ra yẹn ni ojú ń kà sí èrò ọkàn. Bí ẹ bá fún bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sílẹ̀ lásán ní irú rẹ̀, ẹ ti fún un ní ọkàn tí oníbàárà kò bẹ̀ yín.

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò tilẹ̀ ní ìtẹ̀ tó pẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń dẹ ìrìn wọn sí gbogbo ibi tí wọ́n fi àmì sí, títí kan ilẹ̀, nítorí náà ìlà ṣáàtì há mọ́ra nísàlẹ̀ bó ṣe há mọ́ra lókè. Ẹ ṣí ibi tí ìlà ìrìn wà: òkè ni kó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, ilẹ̀ ni kó ṣe ṣóńṣó.

Ẹ gbé wọn padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kí wọ́n rí roboto, kí wọ́n má tẹ̀, kí wọ́n má nà, kí ṣáàtì sì wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tí wọ́n bá ta dáadáa báyẹn, a ó jọ ṣe ìtẹ̀ wọn.